Ibi iṣẹ́ fẹ́ yá mi ní 600,000, wọ́n ní èlé rẹ̀ jẹ́ 10%. Èló ló máa kù sí mi lọ́wọ́ lóṣooṣù?

Arìnnàkore

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Owó oṣù mi jẹ́ 250,000. Tí wọ́n bá yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tán, 211,000 ló ń wọ báńkì. Ibi iṣẹ́ wa fẹ́ yá mi ní 600,000 fún oṣù 12, èlé 10%, wọ́n á máa yọ 55,000 lóṣooṣù. Mo tún máa ń gba àsansílẹ̀ owó oṣù, 60,000 láàárín oṣù, 2,000 ni owó ìwé rẹ̀. Ṣé kí n gba owó yìí? Èló gan-an ló máa kù sí mi lọ́wọ́?

---

Ẹ̀gbọ́n Tòótọ́

Àbúrò, gbà á. 10% kò pọ̀ rárá. 55,000 lọ́nà 12 jẹ́ 660,000, o rí i pé 60,000 péré ló lé lórí 600,000 tí wọ́n yá ẹ, 10% náà nìyẹn, wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ohun mìíràn tí èèyàn kì í rántí ni pé bí wọ́n bá ti ń yọ gbèsè lára owó oṣù ẹ, owó orí ẹ náà á wálẹ̀, torí owó tó ń dé ọwọ́ ẹ ti dínkù. Nítorí náà, ó lè tó 160,000 tó máa kù fún ẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ẹ́.

---

Akọ̀wé Owó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ti owó orí yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń ṣe ìwé owó oṣù níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè yìí sì máa ń wá sọ́dọ̀ mi léraléra.

Owó orí, orí ohun tí èèyàn ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Gbèsè tí o ń san kò dín ohun tí o ṣiṣẹ́ fún kù. Nítorí náà, bí ìwé owó oṣù ṣe ń lọ ni pé 250,000 máa wà lókè, owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì máa jáde lára rẹ̀, ó di 211,000, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa tó yọ gbèsè. 55,000 tí wọ́n yọ, odindi 55,000 ló kúrò nínú owó tí o fẹ́ ná. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó padà wá láti ọ̀dọ̀ agbowó-orí. Bí o bá rí ìwé owó oṣù kan tí owó orí rẹ̀ lọ sílẹ̀ nítorí gbèsè, á jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ fi àyọkúrò yẹn sí ibi tí kò yẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i, wọ́n lè wá gba àlàfo owó orí náà lọ́wọ́ rẹ. Má fi ìyẹn ṣe ayọ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé òdì-kejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Bí èlé tí ibi iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bá kéré ju iye tí ìjọba là kalẹ̀ lọ, wọ́n á ka ìyàtọ̀ yẹn sí èrè tí ó jẹ níbi iṣẹ́, owó orí rẹ̀ á sì gòkè díẹ̀. Èyí kò kan 10% tìrẹ tó bẹ́ẹ̀, mo kàn sọ ọ́ kí àwọn tí wọ́n ń yá láìsí èlé lè béèrè.

Wàyí o, ẹ̀gbọ́n ò tíì ka àsansílẹ̀ rẹ mọ́ ọn. Láti inú 211,000, yọ 55,000, ó ku 156,000. Yọ 60,000 tí o ti gbà láàárín oṣù, yọ 2,000 owó ìwé. 94,000 ni wọ́n máa fi sí báńkì rẹ lópin oṣù. Nọ́ńbà tí o gbọ́dọ̀ jókòó wò nìyẹn, kì í ṣe 156,000.

---

Arìnnàkore

Háà! 94,000 kẹ̀? Owó ilé nìkan fẹ́ẹ̀ tó ìyẹn.

---

Jẹ́jẹ́ Layé

Èmi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe ìṣirò tó le báyìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kí o lọ. Ìwọ náà ti dá owó síbẹ̀, wọ́n á yá ẹ ní ìlọ́po méjì ohun tí o dá, èlé tí wọ́n bá sì gbà, wọ́n á tún pín in fún ẹ lópin ọdún. Kí ló dé tí o fẹ́ kó owó rẹ kúrò nínú ẹgbẹ́?

---

Arìnnàkore

Ẹ ṣeun o, àmọ́ mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, mi ò sì ní owó níbì kankan tí mo fẹ́ kó. Ibi iṣẹ́ ló fẹ́ yá mi.

---

Jẹ́jẹ́ Layé

Áà, mo ti kà á lódì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ṣì dúró, dara pọ̀ mọ́ wọn.

---

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 10% yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà.

Arìnnàkore, béèrè lọ́wọ́ wọn pé orí kí ni wọ́n ti ń ka èlé: ṣé lórí 600,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àbí lórí ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ lóṣù kọ̀ọ̀kan? 55,000 tí o kọ ti fi hàn mí pé lórí gbogbo owó ni. Wọ́n mú 10% nínú 600,000, ó jẹ́ 60,000, wọ́n rò ó mọ́ ojú owó, wọ́n pín 660,000 sọ́nà 12.

Lóṣù àkọ́kọ́, òótọ́ ni pé 600,000 wọn wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá san ìdajì tán, nǹkan bí 300,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ, síbẹ̀ èlé 600,000 náà ni o ń san. Nígbà tó bá fi máa ku oṣù kan, owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ kò ju nǹkan bí 50,000 lọ, èlé 600,000 ò sì yẹsẹ̀. Tí a bá wá wo iye owó wọn tó ń wà lọ́wọ́ rẹ láàárín ọdún náà, tí a fi gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó lé díẹ̀ ní ìdajì 600,000. O san 60,000 lórí nǹkan tó ju ìdajì lọ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 10% yìí fi súnmọ́ 18% lọ́dún nígbà tí a bá kà á bí báńkì ṣe ń ka tiwọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i fúnra rẹ̀, kó ṣí Excel, kó tẹ èyí:

```
=RATE(12,-55000,600000)
```

Ohun tó máa gbé wá jẹ́ nǹkan bí 1.5%, ìyẹn fún oṣù kan. Lọ́nà 12, ó di nǹkan bí 18%. Ká ní èlé 10% yẹn wà lórí ohun tó kù ni, èyí ni wọn ì bá tẹ̀:

```
=PMT(10%/12,12,-600000)
```

Ìyẹn máa fún ọ ní nǹkan bí 52,750 lóṣooṣù. Àpapọ̀ èlé rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ nǹkan bí 33,000, kì í ṣe 60,000.

---

Ẹ̀gbọ́n Tòótọ́

Oníṣirò, o mọ̀wé, mo gbà. Ṣùgbọ́n 60,000 ni 60,000. Yálà o pè é ní 10% tàbí 18%, owó tó ń jáde lápò ọmọ yìí ò yí padà. Kí ló wá kan orúkọ tí a ń pè é?

---

Oníṣirò

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé 60,000 ò ní yí padà. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun èèyàn ni ọjọ́ tó bá fẹ́ fi owó ibi iṣẹ́ wé ti ibòmíràn. Ká ní báńkì kan sọ fún un pé 15% ni tiwọn, lórí ohun tó kù. Etí tó gbọ́ 10% àti 15% á ní ibi iṣẹ́ ló rọrùn. Ẹ tẹ 15% sínú ìlà kejì tí mo kọ sókè yẹn, 54,155 ló máa jáde lóṣooṣù, àpapọ̀ èlé á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000. Ó ti fi 10,000 dín sí ti ibi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ 15% ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn ò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ka èlé, ó máa fi ẹnu ara rẹ̀ yan èyí tó wọ́n.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan sí i. Arìnnàkore, ṣé odindi 600,000 ni wọ́n máa kó lé ọ lọ́wọ́? Àbí wọ́n máa yọ owó ìwé síwájú?

---

Arìnnàkore

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo fọ́ọ̀mù náà. "Owó ìwé 1%, a ó yọ ọ́ nígbà tí a bá san owó náà." 594,000 ni mo máa rí gbà, nìyẹn.

---

Oníṣirò

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fi 594,000 rọ́pò 600,000 nínú ìlà àkọ́kọ́, má yí 55,000 padà. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.66% lóṣù, ìyẹn súnmọ́ 20% lọ́dún. Owó tí kò dé ọwọ́ rẹ rí ni o tún ń san èlé lé lórí.

---

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ibi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀ yá mi lówó, mo san án tán, oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n tún yọ ọ́. Mi ò fura torí owó oṣù ti gòkè díẹ̀ lóṣù yẹn, mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìgbà tó tún ṣẹlẹ̀ ni mo mú gbogbo ìwé owó oṣù mi jáde, mo to wọn kalẹ̀, mo kà wọ́n. Ó ti lé. Wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, ọ̀gá kan ní láti fọwọ́ sí i, ó di ìparí oṣù mìíràn kí n tó rí i gbà.

Àti pé ẹ wo bóyá wọ́n ń kọ iye tó kù sórí ìwé owó oṣù yín. Tèmi ò ní in. "Àyọkúrò ẹ̀yáwó" ni wọ́n kàn kọ síbẹ̀, kò sí iye tó kù, kò sí oṣù kelòó.

---

Akọ̀wé Owó

Ìyá wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe ọgbọ́n jìbìtì nígbà púpọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà fi àyọkúrò sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kan ni láti kọ iye gbèsè, kí ẹ̀rọ máa yọ ọ́ títí yóò fi di òdo. Ọ̀nà kejì ni láti kọ "máa yọ 55,000" láìsí ọjọ́ tó máa parí. Èyí kejì yẹn kò mọ ìgbà tí gbèsè tán. Ẹni tó ń ṣe é ló gbọ́dọ̀ rántí láti dá a dúró, bí ẹni náà bá wà ní ìsinmi tàbí tó ti kúrò níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa rántí.

Bí o ṣe máa mọ èyí tí tìrẹ jẹ́ nìyí: bí iye tó kù bá ń hàn lórí ìwé owó oṣù rẹ, tó sì ń dínkù lóṣooṣù, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá ń jáde bíi ti Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa kà á. Kọ oṣù ìkẹyìn sílẹ̀ láti ọjọ́ tí o bá fọwọ́ sí i, kí o sì kọ̀wé sí wọn ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀.

Ibi kejì tó tún máa ń bàjẹ́ ni oṣù tí owó oṣù kò pé. Bí o bá gba ìsinmi tí wọn ò san owó rẹ̀, tí owó rẹ kò ju 110,000 lọ lóṣù yẹn, àwọn kan máa fo àyọkúrò náà, wọ́n á wá yọ 110,000 lóṣù tó tẹ̀ lé e láìsọ fún ọ. Bẹ́ẹ̀ ni o ṣe máa rí i pé oṣù tí o rò pé nǹkan ti padà sípò gan-an ni owó máa wọ́n ọ jù. Béèrè kí o tó lọ fún ìsinmi bóyá wọ́n á sún oṣù náà sẹ́yìn pátá.

---

Arìnnàkore

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ nípa àsansílẹ̀ náà o, torí òun ló wá jọ pé ó ń pa mí lára jù. Oṣooṣù ni mo ń gbà á, ó ti tó ọdún kan.

---

Akọ̀wé Owó

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo èyí, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò tíì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ẹ má tíì ka gbèsè 600,000 mọ́ ọn. Oṣù àkọ́kọ́ tí o gba 60,000, ó dùn. O ti gba 211,000 lópin oṣù tó kọjá, o tún rí 60,000 láàárín oṣù. 271,000 ni o ná láàárín owó oṣù kan sí ìkejì. Oṣù yẹn nìkan ni àsansílẹ̀ fún ọ ní owó kankan.

Láti ìgbà náà, tí a kò bá tíì ka owó ìwé, 151,000 ló ń wọlé lópin oṣù, nígbà tó bá sì di àárín oṣù, o tún gba 60,000. Rò wọ́n pọ̀: 211,000. Iye tí o ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni. Wọn ò fún ọ ní nǹkan kan mọ́, ọjọ́ tí owó ń dé nìkan ló yí padà. Ṣùgbọ́n 2,000 ń jáde lóṣooṣù. Ọdún kan, 24,000. O ń san 24,000 lọ́dún láti lè máa gba owó ara rẹ ní ìdá méjì. Tí o bá fẹ́ kà á bí èlé, 2,000 lórí 60,000 fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìyẹn 3.3%, ọ̀nà 24 lọ́dún. Nǹkan bí 80%. Àwọn tó ń pè é ní "owó ìwé lásán" kò tíì ṣe ìsọdipúpọ̀ yẹn.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti jáde ni pé ọjọ́ tí o bá pinnu pé o ò gba àsansílẹ̀ mọ́, 149,000 tó wọlé lópin oṣù tó kọjá ni o máa fi lo oṣù yẹn tán. Kò sẹ́ni tó lè ti 209,000 bọ́ sórí 149,000 lẹ́ẹ̀kan náà kó má padà lọ gbà á.

Má jáde lẹ́ẹ̀kan. Máa fi 15,000 dín in. Mo máa yọ owó ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìṣirò náà lè mọ́. Oṣù yìí, 151,000 ti wọlé, dípò 60,000, gba 45,000. 196,000 ni o ní. Lópin oṣù náà 166,000 á wọlé, gba 30,000, ó tún jẹ́ 196,000. Lẹ́yìn ìyẹn 181,000 á wọlé, gba 15,000, 196,000 náà ni. Oṣù kẹrin, 196,000 á wọlé, má gba nǹkan kan. Oṣù karùn-ún, 211,000 odindi. Oṣù mẹ́rin tí owó máa fi 15,000 dín ni, kì í ṣe oṣù kan tó máa fi 60,000 dín.

---

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín

Akọ̀wé, kí Ọlọ́run bù kún ẹ. Èyí ló yẹ kí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì akáǹtì.

---

Ẹ̀gbọ́n Tòótọ́

Mo ní àbá kan. Níwọ̀n ìgbà tí àsansílẹ̀ yẹn ti ń jẹ 24,000 lọ́dún, kí ló dé tí kò fi yá 660,000 dípò 600,000, kó fi 60,000 yẹn dí ihò àsansílẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Èlé 60,000 jẹ́ 6,000 péré lọ́dún, kódà lọ́nà tí Oníṣirò ń bú yẹn. 60,500 ni wọ́n á máa yọ dípò 55,000. Ṣé mo tún ṣìnà?

---

Oníṣirò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣìnà níbi ìṣirò. 6,000 dín gan-an sí 24,000. Ẹ kàn rántí owó ìwé 1%, ìyẹn 600 mìíràn, kò sì tó nǹkan.

---

Akọ̀wé Owó

Ìṣirò náà dáa, mi ò sì ní fọwọ́ sí i. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà lórí tábìlì mi: òṣìṣẹ́ á yá owó fi san àsansílẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àyọkúrò gbèsè ti jẹ́ kí owó oṣù kéré, á tún padà wá gba àsansílẹ̀. Nígbà náà ó ti ní méjèèjì. Àfi bí Arìnnàkore bá lè kọ̀wé sí ẹ̀ka owó oṣù níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára àwọn tó lè gba àsansílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gbà bẹ́ẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n Tòótọ́

Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ kì í fọkàn tán èèyàn. Mo ṣì dúró lórí tèmi.

---

Arìnnàkore

Mo lè kọ lẹ́tà yẹn, ṣùgbọ́n ojú á tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì kù. Bí mo bá rí owó láàárín ọdún tí mo sì fẹ́ san gbèsè náà tán kó tó pé oṣù 12, ṣé èlé á dínkù? Àti pé mo gbọ́ pé ó ní iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ yọ kọjá lára owó oṣù èèyàn.

---

Oníṣirò

Ti àkọ́kọ́, ká ní o ti san ìgbà mẹ́fà, o sì fẹ́ san ìyókù pọ̀. Bí èlé bá wà lórí ohun tó kù, wọn ò lè gba èlé oṣù tí kò tíì dé. Lórí 10% lọ́nà yẹn, nǹkan bí 307,500 ni o máa kó sílẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n lọ́nà tí wọ́n fi fún ọ, wọ́n ti ka gbogbo èlé sínú 660,000 láti ọjọ́ kìíní. Bí wọn ò bá ní ìlànà kankan lórí sísan ṣáájú, wọ́n lè ní kí o san 330,000, ìyẹn 55,000 mẹ́fà tó kù, pẹ̀lú èlé oṣù tí o kò ní lò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí èrè kankan nínú kí o tètè san. Jẹ́ kí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ, kí o máa jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan máa ń dá èlé oṣù tó kù padà, á wá di 300,000. Ó dá lórí ohun tó wà nínú ìwé tí o fọwọ́ sí. Má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ èèyàn dáadáa.

---

Akọ̀wé Owó

Ti iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ òfin iṣẹ́ ló fi ààlà sí i, ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù sì wà lára èyí tó wọ́pọ̀. Ibi tí ìjà wà ni ìdá kan nínú mẹ́ta kí ni. Bí wọ́n bá kà á lórí 250,000, ó jẹ́ nǹkan bí 83,300. Bí wọ́n bá kà á lórí 211,000, 70,300 ni. 55,000 wọ inú méjèèjì. Ṣùgbọ́n 55,000 pẹ̀lú 62,000 àsansílẹ̀ jẹ́ 117,000, ó ti kọjá méjèèjì. Àwọn kan sì máa sọ pé àsansílẹ̀ kì í ṣe àyọkúrò, owó oṣù tí o ti gbà ni, kò yẹ ká kà á. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí láàárín àwọn amòfin méjì, mi ò rí ẹni tó borí. Lọ ka òfin ibi tí o wà, má gba ọ̀rọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí òfin.

Kí o tún wo ohun tí ìwé náà sọ nípa kíkúrò níbi iṣẹ́. Lọ́pọ̀ ibi, gbogbo ohun tó kù á di sísan lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì mú un lára owó oṣù ìkẹyìn àti owó ìsinmi tí o kò lò. Bí o bá ti ń wá iṣẹ́ mìíràn, ìyẹn nìkan tó láti jẹ́ kí o má gbà á báyìí.

---

Arìnnàkore

Mo ti lọ bá ẹ̀ka òṣìṣẹ́ lónìí. Wọ́n ní àwọn kò lè yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka èlé padà, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí mo bá san án tán ṣáájú, èlé oṣù tó kù á kúrò. Mo ti dín owó náà kù sí 400,000. Wọ́n á máa yọ 36,667. Mo ní kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀ títí mo fi máa jáde nínú àsansílẹ̀ bí Akọ̀wé ṣe là á kalẹ̀. Ó máa di oṣù karùn-ún.

---

Akọ̀wé Owó

174,333 ló máa máa kù fún ọ, láìsí àsansílẹ̀. O ṣe é. Béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí iye tó kù máa hàn lórí ìwé owó oṣù rẹ.

---

Jẹ́jẹ́ Layé

Wọ́n ní kí n wá ṣe onídùúró fún ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa lórí irú owó báyìí. Ṣé wọ́n lè yọ ọ́ lára owó oṣù tèmi bó bá sá lọ?

---

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín

Wọ́n lè yọ ọ́ dáadáa, bí o bá ti fọwọ́ sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Wo ìlà tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ lábẹ́ orúkọ rẹ, kí o sì béèrè bóyá gbogbo gbèsè ni àbí ìdajì rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé onídùúró méjì ni wọ́n ní kó mú wá.